Iṣẹ́ Tí A Rán Mẹkáníìkì àti Owó Tí A Kò Jọ Sọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, àmọ́ àwọn mẹkáníìkì ló ń fi ṣe iṣẹ́ jù. A óò gbé ọkọ̀ lọ, a óò dúnàádúrà, a óò fẹnu kò sí iye kan. Nígbà tí a bá padà lọ gbé e, owó á ti gun òkè. Bí a bá béèrè, wọn á ní, "Mo rí i pé ó ti bàjẹ́, mo wá kúkú bá yín ṣe é. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?" Òwe yẹn náà ni mẹkáníìkì ń sọ, bí kò tilẹ̀ pa á jáde. Lójú tirẹ̀, làákàyè ọmọ ló lò.

Mo gba òwe náà gbọ́, àmọ́ n kò gba bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ tó ní làákàyè kì í fi owó ẹni tó rán an ra ohun tí ẹni náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́ tó rí i pé nǹkan ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe sọ fún un, á padà wá wí. Nínú àtúnṣe ọkọ̀, ibi tí mo ti ń dá ẹjọ́ nìyẹn: ṣé ó dá iṣẹ́ dúró, ṣé ó pe olówó ọkọ̀, ṣé ó sọ iye, kí ó tó fọwọ́ kan ohun tí kò sí nínú àdéhùn?

Ọ̀ràn kan ṣojú mi ní Adó-Èkìtì. Olùkọ́ obìnrin kan tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́ ló ni ọkọ̀, Kámírì ọdún 2004, ẹ́ńjìnnì 2.4 lítà tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE. Ó ń ti Iléṣà bọ̀, ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ni ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà. Láti ọjọ́ náà ni omi rẹ́dìétọ̀ ti ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, tí ọ́ìlì sì funfun bí ògì nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ yọ. Mẹkáníìkì ní gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló jó, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n jọ fẹnu kò sí ₦165,000: gáskẹ́ẹ̀tì ₦45,000, owó tí wọn yóò fi ha ojú tọ́ọ̀pù kí ó lè tẹ́jú ₦20,000, ọ́ìlì, fílítà àti kọ̀ọ́lántì ₦40,000, owó iṣẹ́ ọwọ́ ₦60,000. Orí wàsáàpù ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ₦297,000 ni ó bá. Wọ́n ti fi ₦55,000 kún un fún tírẹ́ẹ̀dì bóòtù, ìyẹn ìlà yíyí inú ihò tó ń di bóòtù mú, ₦38,000 fún wọ́tà pọ́ọ̀mpù, ₦9,000 fún tẹmọsítáàtì tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì, àti ₦30,000 fún ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Arábìnrin náà ní òun kò ní san kọ́bọ̀ kan lé ₦165,000. Mẹkáníìkì ní ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ wọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò náà mọ òwe yìí, ó sì ṣe é bí ó ti yẹ. Kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè tó fi ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ wá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ ẹ̀rí nù. Àlòkù tí a yọ ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, a sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jù ú sínú páńtí tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Tírẹ́ẹ̀dì bóòtù ló kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí òun ló wọ́n jù. Bóòtù gígùn mẹ́wàá ló so tọ́ọ̀pù mọ́ bọ́lọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yẹn, alumíníọ̀mù sì ni bọ́lọ́ọ̀kù náà. Àléébù tí wọ́n mọ̀ mọ àwọn Kámírì 2.4 tó jáde láàárín 2002 sí 2006 ni pé, bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò bóòtù ẹ̀yìn, ní ìhà tó kọjú sí inú ọkọ̀, a máa fà yọ. Kò sí bí ojú ṣe lè rí i láti ìta. Ìgbà tí wọ́n bá ń tú bóòtù ni yóò máa yí lásán, tàbí kí ó jáde pẹ̀lú ègé alumíníọ̀mù tó lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fojú fò ó, tó fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i tó dè é padà, tọ́ọ̀pù kò ní mọ́ra, gáskẹ́ẹ̀tì á sì tún jó láìpẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n lu ihò náà fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí wọ́n sì fi búṣì irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì tẹ̀ ẹ́ nínú. Ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Mẹkáníìkì mú bóòtù méjì jáde, alumíníọ̀mù ṣì wà lára wọn. Ó tún ṣí fóònù rẹ̀, fọ́tò ihò méjèèjì wà níbẹ̀, ọjọ́ tó ṣí ẹ́ńjìnnì náà ló yà á. Alága wò ó, ó ní, "O ní fọ́tò, o ní nọ́ńbà àǹtí yìí, kí ló dé tí o kò fi ránṣẹ́ sí wọn?" Ọmọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Bí ó bá tẹ fọ́tò yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìjà ₦55,000 ì bá má ṣẹlẹ̀ rárá. Síbẹ̀, alága ní kí arábìnrin náà san án pé, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí kò lè dúró láìsí i, kò sì sí bí ó ṣe lè mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣí i.

Fún tẹmọsítáàtì, wọ́n gbé omi kaná nínú agolo, wọ́n fi wáyà so ògbólógbòó tí wọ́n yọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Tẹmọsítáàtì tó dára a ti máa là ní nǹkan bí 82°C, kí omi tó hó. Omi hó títí, ó ń yọ gùdùgùdù, èyí kò là. Ó ṣeé ṣe kí òun gan-an ló fa gbígbóná lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Owó rẹ̀ tọ́, àmọ́ àtìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti wà nínú iye tí wọ́n sọ, torí kò sí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ fura sí i tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Olùkọ́ náà gbà láti san ₦9,000 náà.

Wọ́tà pọ́ọ̀mpù le díẹ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kọ̀ọ́lántì máa ń gbà jáde bí síìlì inú rẹ̀ bá ti ń kú, ojú ihò náà sì ti pọ́n, kọ̀ọ́lántì ti gbẹ mọ́ ọn. Ó ti ń kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì kú tán. Olówó ọkọ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tàbí ní ìparí oṣù. Alága béèrè rìsíìtì, rìsíìtì ní ₦28,000. Ó ní iye yẹn ni kí ó san, kí mẹkáníìkì gbàgbé ₦10,000 tó gbé lé e.

Ẹ́ńjìnnì síìtì kò gba àkókò kankan. Rọ́bà àlòkù náà kò ya, kò là, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú omi tàbí gáskẹ́ẹ̀tì. Alága ní kí wọ́n tú tuntun kúrò, kí wọ́n dá ti oníǹkan padà sí i. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦257,000.

Ẹ má retí pé gbogbo alága ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá gbè sẹ́yìn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí. Mẹkáníìkì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti di ọkọ̀ mú títí wọn yóò fi san owó iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣàdéhùn. Kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á, kò sì yẹ kí ó dì í mú nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Nítorí náà, iye tí ẹ fẹnu kò sí ni kí ẹ kọ́kọ́ san, nípasẹ̀ báńkì, kí ẹ sì kọ ohun tí owó náà wà fún sára ìsanwó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì di ọkọ̀ mú, òun ló kù tí yóò wá ṣàlàyé. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kejì jí ọkọ̀ yín gbé lóru, ẹjọ́ ẹ̀yin gan-an nìyẹn á bàjẹ́.

Ẹ má sì sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Ó dáàbò bo mẹkáníìkì lọ́wọ́ yín, ó sì dáàbò bò yín lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, fún yín láyè láti fi ẹjọ́ sùn ní FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, tàbí láti gba kóòtù lọ tààrà. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣí ẹ́ńjìnnì yìí ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jù. Ẹ gbìyànjú àwọn àgbà wọ́kíṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó débẹ̀.

Ṣáájú iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bi mẹkáníìkì ní ìbéèrè kan tí wọn kì í sábà gbọ́: "Kí ni o kò ní rí títí wàá fi ṣí i, èló ni yóò sì jẹ́ bí o bá bá a?" Tí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀ lórí Kámírì 2.4 tó gbóná, ẹni tó mọṣẹ́ á dárúkọ tírẹ́ẹ̀dì bóòtù fúnra rẹ̀, ẹ óò sì ti mọ iye méjì kí irin tó kan irin. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí i lórí wàsáàpù: "₦165,000 ni a jọ sọ. Bí ẹ bá rí ohun mìíràn, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀, kí ẹ dúró de èsì mi. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá yọ sínú àpò fún mi." Kí ẹ fi iye kan kún un tó lè ná láìpè yín, bíi ₦5,000 fún kílíìpù tàbí họ́ọ̀sì kékeré, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí ó mú kí ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó kéré tán, ẹ ti fún un láyè láti fi làákàyè ọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ ibi tí àyè ọ̀hún parí sí.