Ìka Olórí Ẹbí Nìkan Ò Tó Ta Ilẹ̀ Ẹbí

Arákùnrin kan gbé rísíìtì kan wá sí ọ́fíìsì wa níjọ́sí, ó ti bá a lámínéètì kí omi má bàa bà á jẹ́. Orúkọ ẹbí tó ta ilẹ̀ fún un wà lókè, wọ́n kọ pílọ́ọ̀tì méjì sí i, wọ́n lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, nísàlẹ̀ pátápátá wàá rí ìka ńlá dúdú kan, ìyẹn ti olórí ẹbí, sáìn akọ̀wé ẹbí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí. Ó ti kọ́ ilé yẹn dé ojú fèrèsé kí ìyá àgbà kan tó yọ sí i pẹ̀lú àwọn àbúrò ẹ̀, ọmọ bíbí inú bàbá tó ni ilẹ̀ ni ìyá yìí o, wọ́n ní ìdí igi tàwọn, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá tàwọn, ò gbọ́ sí i rárá. Ohun tí arákùnrin yìí ń tẹnu mọ́ fún wa ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, olórí ẹbí ló kúkú tà á fún mi." Olórí ẹbí ló tà á lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ti jẹ́ olórí ẹbí ló ni ilẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀, alámòójútó ni. Láti 1959 ni kọ́ọ̀tù tó ga jù nílẹ̀ yìí ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Tí àwọn àgbà ẹbí bá kó ara wọn jọ tí wọ́n ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, wọn ò ta nǹkan kan. Tó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á lórúkọ ẹbí, àmọ́ tí kò fi tó àwọn àgbà ẹbí yòókù létí, títà yẹn dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fò dá lè gba kọ́ọ̀tù lọ kí wọ́n ní kí wọ́n fagi lé e. Tí olórí ẹbí bá wá tà á bíi pé tiẹ̀ ni, bíi pé bàbá òun nìkan ló fi sílẹ̀ fún òun, òfo nìyẹn náà.

Ẹ wo ti àárín yẹn dáadáa, torí òun ló ń kó ọ̀pọ̀ ẹbí sí yọ́ọ́yọ́ọ́. "Lè gba kọ́ọ̀tù lọ" túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n fò dá ló máa sáré, kì í ṣe ẹni tó tà á. Tó o bá mọ̀ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá yín, tó o ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ò ń rí i bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń ga sókè, tó o dákẹ́ títí ẹni tó rà á fi kó wọlé tó ti ń bímọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí adájọ́ sọ fún ẹ pé o ti pẹ́ jù. Lójú tiwa, òfin yìí gbè sẹ́yìn olórí ẹbí díẹ̀, torí owó ti wà lápò ẹ̀ kó tó di pé ẹni kẹ́ni mọ̀.

Àwọn wo wá ni àgbà ẹbí yìí gan-an? Kì í ṣe gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ àti èyí tó wà lókè òkun ló gbọ́dọ̀ tẹ ìka. Nílẹ̀ Yorùbá, olórí ìdí igi kọ̀ọ̀kan la ń wí, ìyẹn ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ obìnrin o! Láti 1924 ni kọ́ọ̀tù ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Lopez pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bíi ti ọmọkùnrin, àmọ́ títí di òní wàá ṣì rí ẹbí tó máa ní "ó ti lọ ilé ọkọ" tí wọ́n á sì fò ó dá.

Ibi kejì tí wàhálà pọ̀ sí ni pé àwọn èèyàn ń pe lílò ní pípín. Olórí ẹbí lè fi ibì kan hàn ẹ́ pé kó o lọ kọ́lé síbẹ̀, o lè gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, ilẹ̀ ẹbí ṣì ni, o ò lè tà á fún àjèjì láìgba àṣẹ. Pípín gidi ni kí gbogbo ìdí igi jókòó, kí wọ́n gbà pé àwọn fẹ́ tú u ká, kí oníkálukú gba tiẹ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí mọ́, ẹni tó bá ní tiẹ̀ lè tà á láìbi ẹnikẹ́ni. Àyàfi tó bá jẹ́ pé ìdí igi ni wọ́n pín in fún, nígbà yẹn ó di ilẹ̀ ẹbí kékeré ti àwọn ọmọ ìyá yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó fi pílọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án sílẹ̀, ìyàwó mẹ́ta, ìyálé bí mẹ́fà, ìkejì bí ẹyọ kan, ìkẹta bí méjì. Tó bá jẹ́ ìdí igi, pílọ́ọ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta ló kan ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ṣoṣo yẹn kó mẹ́ta, àwọn mẹ́fà ti ìyálé wá ń fi ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì du ara wọn. Tó bá jẹ́ orí ò jorí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn máa gbà. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kò sí bí àwọn mẹ́fà yẹn ò ṣe ní pariwo. Ẹjọ́ irú ẹ̀ ni ti Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ láti ilẹ̀ yìí nígbà yẹn, ní 1962 wọ́n sì sọ pé ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá, àmọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀, olórí ẹbí lè pinnu pé kí wọ́n lo orí ò jorí.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò le. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní gọ́mìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé ìjọba tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì, ó dáa, ṣùgbọ́n ìwé gọ́mìnà ò lè sọ olè di onílẹ̀. Kí wọ́n má gba àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀ ẹbí kankan wọlé láìjẹ́ pé orúkọ bàbá tó ni ilẹ̀, iye ìdí igi tó wà níbẹ̀, àti orúkọ, sáìn àti fótò olórí ìdí igi kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lọ́yà tó ń kọ àgírímẹ́ǹtì náà, ẹ yé e kọ "fún gbogbo ẹbí" nígbà tó jẹ́ pé èèyàn méjì péré lẹ rí.

Ní ti arákùnrin onírísíìtì yẹn, a sọ fún un pé kó má tíì gbé búlọ́ọ̀kù kankan lé e mọ́. Níwọ̀n bí olórí ẹbí ti tà á lórúkọ ẹbí, ó ṣì ṣeé tún ṣe, kó pe ìyá àgbà yẹn àti olórí ìdí igi yòókù jókòó, kí wọ́n kọ ìwé tuntun pé àwọn náà gbà. Wọ́n máa béèrè ìpín tiwọn nínú owó o, dájúdájú. Kó mú wọn lọ bá olórí ẹbí, ọwọ́ ẹ̀ lowó ọ̀hún wà.