Ẹ tún ìpolówó yín kà kí ẹ tó ní kí wọ́n tún un wò

Bí mo ṣe ń bá àwọn ọlọ́jà Ìlọrin ṣètò ìpolówó lórí Facebook, ohun tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí Facebook bá dá ìpolówó wọn padà ni pé, "Wọn ò kàn fẹ́ kí a tajà ni." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìpolówó tí mo ti rí tí wọ́n dá padà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ṣèlérí ohun tí ọjà rẹ̀ ò lè ṣe.

Ẹ wo ti àláájà kan tó ń ta òrí nítòsí Ọjà Ọba. Òrí gidi ni, láti ìhà Báruten. Ohun tó kọ rèé: "Ṣé làpálàpá ń dà ọ́ láàmú? Òrí wa á wò ó sàn pátápátá láàárín ọjọ́ 7." Ó wá fi àwòrán méjì sí i, ọrùn tí làpálàpá bò lápá òsì, ọrùn tó ń dán lápá ọ̀tún. Wọ́n dá a padà. Inú bí i, ó tún gbé e sókè bó ṣe wà, wọ́n tún dá a padà.

Mo ní, "Àláájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kà á papọ̀." Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń bi òǹkàwé léèrè àìsàn ara rẹ̀. Meta, tó ni Facebook, kò gbà kí ìpolówó sọ̀rọ̀ bíi pé ó mọ àìsàn tó ń ṣe ẹni tó ń kà á. Àwòrán ọrùn yẹn ń dójú ti ẹlẹ́làpálàpá kó lè rajà, wọn ò fẹ́ èyí náà.

Gbólóhùn kejì ló dùn mí jù. Èbu kan tó ń hù lára ló ń fa làpálàpá. Òrí a máa jẹ́ kí ara rọ̀, àmọ́ kì í ṣe oògùn làpálàpá. Ìyá tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ á máa fi òrí pa ọmọ lára, làpálàpá á sì máa ran àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ti ní ìpara ń wo àìsàn, oògùn lẹ pè é nìyẹn, ó sì di ọ̀rọ̀ NAFDAC. Ká tiẹ̀ ní Facebook jẹ́ kó kọjá, ìyẹn ò sọ pé NAFDAC fọwọ́ sí i.

A wá kọ ọ́ báyìí: "Òrí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, láti Báruten, fún ara gbígbẹ nígbà ọyẹ́. À ń gbé e délé fún yín ní Ìlọrin." Àwòrán igbá òrí nìkan la lò. Ojú ìwé tí ìpolówó náà ń gbé èèyàn lọ ṣì ń pariwo "ọjọ́ 7", a pa ìyẹn náà rẹ́, torí wọ́n máa ń yẹ ibẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé eléyìí.

Nínú ọ̀rọ̀ bíi ti Àláájà, kò sí ẹjọ́ kankan láti pè. Bí ẹ bá ti ṣàtúnṣe ìpolówó tí ẹ sì tún fi ránṣẹ́, wọ́n á tún un yẹ̀ wò fúnra wọn. Ó sábà máa ń parí láàárín wákàtí 24, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì "Request review" tó wà ní Business Support Home, ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ Meta fún àwọn tó ń polówó, wà fún ìgbà tó dá yín lójú pé àwọn ló ṣì í. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò náà, ó sì lè ṣì í. Ká ní ẹ ya àwòrán apá àgbàlagbà tí wọ́n ń fi òrí pa, kí ẹ̀rọ rí awọ ara, kó pè é ní ìhòòhò. Irú èyí ló yẹ kí ẹ tẹ bọ́tìnì náà fún. Bí wọ́n bá fún yín láyè láti kọ̀wé, ẹ dárúkọ ìlànà tí wọ́n ní ẹ rú, ẹ sọ ohun tó wà nínú àwòrán gan-an, kó tán síbẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn pé gbèsè wà lọ́rùn yín tàbí pé ẹlòmíràn ń ṣe irú rẹ̀, torí ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe rárá ni kí ẹ máa gbé ìpolówó kan náà sókè léraléra, tàbí kí ẹ sá lọ ṣí àkáǹtì tuntun. Ìpolówó kan tí wọ́n dá padà, nǹkan kékeré ni. Àmọ́ bó bá ti ń pọ̀, gbogbo àkáǹtì ni wọ́n lè dá dúró, wọ́n sì ka ṣíṣí àkáǹtì mìíràn láti yẹ ìjìyà sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tí wọ́n ṣì kọ̀ ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀, kí ẹ kọ ìpolówó mìíràn pẹ̀lú àwòrán tuntun.