Díìsìkì yín ò bàjẹ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́

Ní Lágéré níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí Windows bá ti kọ̀ tí kò gbà láti wọlé sórí díìsìkì, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jáde lẹ́nu àwa alátùn-únṣe. Àkọ́kọ́ ni pé "díìsìkì ti lọ". Èkejì ni pé "àfi ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́". Èmi náà ti sọ èkejì yẹn fún oníbàárà rí, mo sì gbowó lórí ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí òótọ́ nínú méjèèjì.

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ gbé láptọ́ọ̀pù HP wá bá mi láti Iléṣà. Windows inú ẹ̀ kò gbéra mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ bá a wò ó ti ki fíláàṣì tó fẹ́ fi gbé Windows tuntun sórí ẹ̀ bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló sì yọ sí i lójú:

```
Windows cannot be installed to this disk.
The selected disk is of the GPT partition style.
```

Ó ní kí ìyá ra díìsìkì tuntun, àbí kí wọ́n jẹ́ kí òun nu èyí tó wà níbẹ̀. Ìyá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé mi wà nínú D. Bó bá lọ, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò sọ pé díìsìkì bàjẹ́. Kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan kan rẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé irú ìwé ààlà tó wà lórí díìsìkì náà kò bá ọ̀nà tí fíláàṣì gbà wọlé mu.

Díìsìkì dà bí ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n pín. C jẹ́ ti ẹnì kan, D jẹ́ ti ẹlòmíì, ìwé kan sì wà tó sọ ibi tí ti kálukú bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Irú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní MBR. Ó kéré gan-an, ojú ìlà ilẹ̀ mẹ́rin péré ló lè gbà, kò sì lè lo díìsìkì tó bá tóbi ju nǹkan bí 2 TB lọ tán. Irú ìwé tuntun ni GPT. Ojú ìlà 128 ni Windows ń fún un láyè, ó sì tún ń fi ẹ̀dà ara ẹ̀ pamọ́ sí ìparí díìsìkì.

Ètò kékeré kan sì wà nínú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó máa ń jí kí Windows tó jí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ díẹ̀ ló lè jí lọ́nà méjì: ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Legacy tàbí BIOS, àti ọ̀nà tuntun, UEFI. Bí fíláàṣì bá gba ọ̀nà àtijọ́ wọlé, MBR nìkan ló máa fẹ́ fi Windows sí. Bó bá gba UEFI wọlé, àfi GPT. Gbogbo ìjà náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tẹ Shift pẹ̀lú F10 níwájú ìyá, ojú dúdú yẹn ṣí. Mo tẹ `diskpart`, lẹ́yìn náà `list disk`. Ìràwọ̀ kékeré wà lábẹ́ Gpt ní ìlà Disk 0: ìwé tuntun ló wà lórí ẹ̀. Mo tẹ `exit`, mo wá béèrè ọ̀nà tí fíláàṣì náà gbà wọlé:

```
wpeutil UpdateBootInfo
reg query HKLM\System\CurrentControlSet\Control /v PEFirmwareType
```

`0x1` ló dáhùn. Ìyẹn ni ọ̀nà àtijọ́. Ká ní UEFI ni, `0x2` ni ì bá jẹ́. Àṣírí ti tú nìyẹn.

Mo pa á, mo tàn án padà, mo ń tẹ Esc, lẹ́yìn náà F9, tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí HP fi ń béèrè ibi tí a fẹ́ kí ó ti gbéra. (F12 ni lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo.) Tí fíláàṣì bá dáa fún ọ̀nà méjèèjì, ẹ máa rí orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á ní UEFI lára. Ẹ mú èyí tó ní UEFI, ọ̀rọ̀ parí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ Legacy nìkan ló wà, torí ẹni tó fi Rufus, ètò tí a fi ń gbé Windows sórí fíláàṣì, ṣe é fi MBR sílẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Partition scheme sí. Mo tún fíláàṣì náà ṣe, mo mú GPT. Fíláàṣì nìkan ni ìyẹn nù, kò kan láptọ́ọ̀pù rárá.

Ìgbà tí mo padà, orúkọ ẹ̀ ti wà lábẹ́ UEFI. Mo mú ibi tí C wà, ọ̀rọ̀ yẹn ò yọjú mọ́. Mi ò fọwọ́ kan D. Mi ò sì tẹ Format lórí C náà, torí àwọn oníbàárà máa ń gbàgbé pé orí C ni gbogbo ohun tí wọ́n ń jù sórí Desktop wà. Bí àyè bá ṣì tó níbẹ̀, Windows tuntun á kó ti àtijọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old. Inú Users tó wà nínú ẹ̀ ni mo ti kó fọ́tò ìyá jáde.

Odì kejì ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ìyẹn ni tó bá ní `The selected disk has an MBR partition table`. Fíláàṣì ti gba UEFI wọlé, àmọ́ ìwé àtijọ́ ló wà lórí díìsìkì. Níbí gan-an ni wọ́n ti ń tẹ `clean`, tí ìwé ààlà fi ń pòórá, tí D fi ń bá a lọ. Tó bá jẹ́ Windows 10 lẹ fẹ́ fi sí i, tí kọ̀ǹpútà náà sì ṣì ní Legacy, ẹ lè jẹ́ kí fíláàṣì gba ọ̀nà àtijọ́ wọlé. Tó bá jẹ́ Windows 11, ó fẹ́ UEFI, ìwé náà ló máa yí padà.

Ètò kan wà nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1703 tó ń yí i láìpa ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ́. Ẹ tẹ Shift pẹ̀lú F10, kí ẹ fi `list disk` wo nọ́ńbà díìsìkì náà, tí kò bá jẹ́ 0, ẹ fi tiẹ̀ rọ́pò 0 tó wà níbí, kí ẹ jẹ́ kó yẹ díìsìkì wò kẹ́ ẹ tó ní kó yí i:

```
mbr2gpt /validate /disk:0
mbr2gpt /convert /disk:0
```

Bí ìlà àkọ́kọ́ bá kọ̀, ẹ má tẹ èkejì. Ó máa ń kọ̀ tí kò bá sí Windows lórí díìsìkì yẹn. Ó ń kọ̀ tí ojú ilẹ̀ mẹ́rin bá ti kún, torí mẹ́ta ló pọ̀ jù tó lè gbà, ó fẹ́ àyè fún tiẹ̀. Ó sì ń kọ̀ tí D bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n gé sínú Extended, ìyẹn ojú ilẹ̀ kan tí wọ́n tún pín sí wẹ́wẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń bá pàdé jù lórí àwọn díìsìkì tó ti pẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó ohun tó wà nínú D sórí díìsìkì ìta ná, kí ẹ ṣí méjì mẹ́ta lára wọn wò lórí kọ̀ǹpútà míì. Ìgbà yẹn ló tó kan `clean`. Kẹ́ ẹ sì tó tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ díìsìkì ìta náà, kí ẹ tún ṣe `list disk`, kí ẹ wo bí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Disk 0 máa ń jẹ́ èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù.