Bírọ́ílà kì í dúró de Kérésìmesì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra oúnjẹ adìẹ lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, mo bá ọmọkùnrin kan tó ń bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù ṣírò. Ó fẹ́ kó 100 òròmọdìẹ bírọ́ílà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kó máa bọ́ wọn títí di Kérésìmesì. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò kó léyà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, léyà ti ń jẹun jù. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹ tó rí ẹyin kan! Bírọ́ílà ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, owó ti wọlé."

Bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, láti Àkúrẹ́ títí dé Òǹdó, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́: léyà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí yé kó tó pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Èyí tí wọ́n sọ pé bírọ́ílà ò jẹun púpọ̀ yẹn ló ń kó ènìyàn sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò kà á, torí owó oúnjẹ lè fò sókè lóru, ṣùgbọ́n àpò kílò 25 kò ní di 30. Bí àbójútó bá dára níwọ̀nba, bírọ́ílà 100 tí ẹ bọ́ dé ọ̀sẹ̀ 6 á jẹ tó àpò 17. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 8, á ti sún mọ́ àpò 26. Léyà 100 ńkọ́, láti òròmọdìẹ títí dé ọ̀sẹ̀ 18? Àpò 26 náà ni, tàbí kó lé díẹ̀. Ohun tí bírọ́ílà jẹ ní oṣù méjì ni léyà fi oṣù mẹ́rin jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré tí ẹ fi kún ọjọ́ orí bírọ́ílà ló gbé àpò mẹ́sàn-án lọ.

Mi ò ka èyí nínú ìwé. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ta ọjà Kérésìmesì, ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ni mo kó 100 òròmọdìẹ wọlé. Mẹ́rin kú nígbà tí wọ́n ṣì wà nídìí ìkòkò èédú, ó ku 96. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá, wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 6. Mo wọn mẹ́wàá nínú wọn, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ kílò 2.2. Àpò 16 ni wọ́n ti jẹ. Obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ wá, ó fẹ́ kó 40 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní rárá o, owó Kérésìmesì ni mo ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 35 ni. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 190 lójúmọ́, àwọn 96 sì ń jẹ kílò 18. Àpò kan kì í pé ọjọ́ kan àbọ̀ mọ́. Nígbà tí Kérésìmesì dé, mo ti fi nǹkan bí àpò 25 lé àpò 16 àkọ́kọ́. Kí ni mo rí gbà padà? Adìẹ náà kúrò ní kílò 2.2, ó di kílò 4. Ẹ ò rí i pé àpò 16 ló sọ wọ́n di kílò 2.2, àpò 25 ló sì fi kílò 1.8 kún un.

Ohun tó fà á ni pé ara tó ti tóbi máa ń kọ́kọ́ ná oúnjẹ lórí ìtọ́jú ara rẹ̀, kí èyí tó ṣẹ́kù tó di ẹran. Púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù náà á sì di ọ̀rá. Nígbà tí mo la àkọ́kọ́ lára wọn, ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú kún ẹ̀kún ọwọ́ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ìyàwó mi kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Owó oúnjẹ mi nìyẹn, ajá ló jẹ ẹ́.

Ooru ọ̀sán tún ń pa wọ́n. Adìẹ kílò mẹ́ta àbọ̀ kò lè sá, kò lè tutù, yóò kàn la ẹnu, yóò máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, tó bá di aago mẹ́rin ẹ bá òkú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Mẹ́jọ kú báyìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9, gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ bá wọn lọ. Nígbà tí mo kó ìyókù dé Ọjà Ọba, aláràtà kan gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Tolótolò lẹ kó wá ni?" Owó adìẹ tí kò ju kílò méjì àbọ̀ lọ ló wà lápò ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé àkókò ti tó ni pé kí ẹ máa wọn mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn mẹ́wàá tí ọwọ́ bá kàn bà, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Ẹ ṣírò owó oúnjẹ tí adìẹ kan jẹ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ fi wé iye tí ẹran tó fi kún ara á pa lọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ 10 tèmi, adìẹ kan ń jẹ kílò 1.3, ó ń fi gíráàmù 360 péré kún ara. Ọjọ́ tí owó oúnjẹ bá borí ti ẹran, ẹ tà á, ì báà jẹ́ ọjọ́ Ajé lásán.

Èyí kò wá sọ pé kí gbogbo ènìyàn sá lọ sídìí léyà. Àpò 26 yẹn gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ yín jáde kí ẹyin kan tó bọ́, àgò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ò sì sí nínú rẹ̀. Mo mọ àwọn tí owó tán lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ 12, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ kù. Adìẹ wọn pẹ́ kó tó yé, èyí tó sì yé ń yé ẹyin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, léyà kan ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 115 lójúmọ́. Àpò kan á tó 100 fún ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀. Nígbà tí 85 nínú 100 bá ń yé lójúmọ́, àpò kan yóò mú kíréètì 6 wá. Tó bá já sí 50, nǹkan bí kíréètì mẹ́ta àbọ̀ péré ni. Ẹ bèèrè iye tí àpò jẹ́ àti iye tí kíréètì jẹ́ ládùúgbò yín lónìí, ẹ ó mọ ibi tí èrè ti tán. Nígbà yẹn ẹ tà wọ́n ní àgbébọ̀, owó ẹran tún wọlé.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin yẹn, kì í ṣe pẹ̀lú ẹnu dídùn báyìí. Kò ní owó oṣù mẹ́rin lọ́wọ́, nítorí náà bírọ́ílà ló yẹ ẹ́ lóòótọ́. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù fà kàlẹ́ńdà lára ògiri, wọ́n jọ kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ 8. Ó bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá. Ọmọ náà fi báírò yí i ká, ó wá bi ìyá náà bóyá ó mọ ilé oúnjẹ tó lè sọ tẹ́lẹ̀ pé òun á gba 40.