Ipele ariwo ọkàn ọmọ ajá kì í ṣe ipele àìsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Súrùlérè, Yábàá àti Mushin ló ti gbé ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ 8 lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí dókítà ẹranko sì sọ fún wọn pé òun gbọ́ ariwo nínú ọkàn rẹ̀, ipele 2 nínú 6. Ohun tí wọ́n máa ń gbà lọ sílé ni pé àìsàn ọkàn ti rìn dé ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà, pé tí ó bá dé 6, ajá yóò kú. Nítorí èyí, àwọn kan á dá ajá tí ara rẹ̀ le padà fún ẹni tó tà á, àwọn mìíràn á sì fọkàn balẹ̀ nítorí pé 2 kéré. Ìgbàgbọ́ kan náà ló bí ìwà méjèèjì, kò sì tọ̀nà.

Bí ariwo náà ṣe ròkè tó ní etí dókítà nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n. Ipele 1 kò ṣeé gbọ́ àfi kí yàrá pa rọ́rọ́, kí dókítà sì tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀. Ipele 2 rọlẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ipele 3, ariwo náà ti fẹ́ ròkè tó ìró tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń ṣe, ní ipele 4 ó ti borí rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀ nínú àyà. Tí ó bá di 5, àtẹ́lẹwọ́ tí a gbé lé àyà ajá yóò mọ̀ ọ́n bí ó ti ń gbọ̀n, nígbà tí ti 6 ṣì ń dún bí a bá tilẹ̀ gbé ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kúrò lára awọ díẹ̀.

Ariwo náà ń wá láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn ní ìdàrúdàpọ̀, ìró rẹ̀ kì í sì í fi ìgbà gbogbo bá ewu rẹ̀ dọ́gba. Ihò kékeré láàárín yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn méjèèjì máa ń pariwo gan-an, bí omi tí a fi ìka dí ẹnu rọ́bà rẹ̀, síbẹ̀ ajá náà lè dàgbà di arúgbó. Ihò ńlá ẹ̀wẹ̀ lè dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá Rọtíwélà àti Bọ́kísà, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó jáde láti apá òsì ọkàn sábà máa ń há ju ti àwọn ajá mìíràn lọ, lè bẹ̀rẹ̀ ní ipele 2 kí ó sì máa ròkè bí ó ti ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo abo Rọtíwélà ọlọ́sẹ̀ 8 kan, ipele 2, ariwo tó kúrú, tí a ń gbọ́ ní apá òsì nìkan. Ó ń ṣeré, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n èrìgì rẹ̀ funfun. Àyẹ̀wò fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì pupa kò ju ìdá 18 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì kún fún ẹyin aràn ẹlẹ́nu-ìkọ́, tí ọmọ ajá máa ń mu nínú ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń yára ju bó ṣe yẹ lọ ní ṣíṣàn, kì í sì í nípọn, ìyẹn nìkan sì tó láti dá ariwo sílẹ̀ nínú ọkàn tí kò ní àbùkù. Nítorí náà, oògùn aràn ló kọ́kọ́ kàn, tí a óò máa tún fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ẹ̀jẹ̀ ti di ìdá 33, ariwo ti lọ sílẹ̀ sí 1. Ní ọ̀sẹ̀ 16 a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ká ní ó ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ 16 ni, ó yẹ kí a ya àwòrán ọkàn tí a ń pè ní ẹkokádíógíráàmù, nítorí pé ariwo aláìlẹ́ṣẹ̀, èyí tí kò ní àbùkù kankan nídìí, máa ń pòórá ní àárín ìgbà náà tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de ọ̀sẹ̀ 16 rárá: ariwo ipele 3 sókè, ariwo tó ròkè jù ní apá ọ̀tún, àti ọmọ ajá tó ń dákú, tó ń tètè rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń dúdú tàbí tí kò dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó kánjú jù ni ariwo tí kò dáwọ́ dúró láàárín ìlù ọkàn kan sí èkejì, tó ń kùn bí ẹ̀rọ lókè abẹ́ apá iwájú òsì. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ti padé láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí ṣì ṣí sílẹ̀. Dókítà lè dí i nípa iṣẹ́ abẹ tàbí kí ó fi ìdènà kékeré sí i láti inú iṣan ẹsẹ̀; láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ kì í pé ọdún kan kí ọkàn wọn tó dákẹ́.

A kì í sábà kun ajá lóorun fún àwòrán yìí. A ó fá irun àyà rẹ̀ díẹ̀, a ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi bí ìlẹ̀kùn ọkàn ṣe ń ṣí hàn àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré gba ibi tó há. Ẹ bi ẹni tí yóò yà á bóyá ọkàn ajá ni ó máa ń yà, nítorí pé ẹni tó mọ oyún wò dáadáa lè má rí ihò kékeré. Fún Rọtíwélà àti Bọ́kísà, àwòrán tó mọ́ ní oṣù mẹ́rin kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí ibi tó há lè máa há sí i títí ajá yóò fi dàgbà tán; tí a bá fẹ́ kí irú ajá bẹ́ẹ̀ bímọ, kí a tún un yà lẹ́yìn tí ó bá pé ọdún kan.