Àpótí onílà kì í ṣe idán: 347 × 268

“Idán lásán ni àpótí onílà yẹn. Kò bá ìsirò tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé tan rárá.”

Ó bá a tan o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà kan láti sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ni àpótí onílà. Ẹ fi 347 × 268 wò ó. Ẹ ya àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta lórí mẹ́ta. Ẹ kọ 3, 4, 7 sókè, ẹ kọ 2, 6, 8 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ wá fa ìlà la àpótí kọ̀ọ̀kan láti igun òkè ọ̀tún sí igun ìsàlẹ̀ òsì. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà òkè rẹ̀ sọ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di púpọ̀: ẹ kọ ẹ̀wá sí apá òkè ìlà, ẹ kọ ẹyọ sí apá ìsàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ti 8, yóò ní 24, 32 àti 56. Ẹ ro òun nìkan pọ̀ ní ìdagun: 6, lẹ́yìn náà 5 + 2, 3 + 4, àti 2. 2776 nìyẹn, ìlà àkọ́kọ́ gan-an tí ẹ máa kọ nílé ìwé! Ẹsẹ̀ 6 á fún yín ní 2082, ẹsẹ̀ 2 á fún yín ní 694. Odo tí ẹ máa ń fi tì wọ́n nídìí, ìdagun ìlà ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìgbà tí a ń gbé nǹkan lọ síwájú. Nílé ìwé, a ń gbé e bí a ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nínú àpótí, ó di ìparí. Ní ipò ọgọ́rùn-ún, 3 + 4 + 4 + 4 + 4 jẹ́ 19: a kọ 9, a gbé 1. Ìdáhùn rẹ̀ ni 92,996.

Bó bá ṣì yín lọ́wọ́, ẹ wo 3 × 2. 06 ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ. Bí 6 bá bọ́ sí apá òkè, ìdáhùn á wú kọjá 600,000.