Ìwé Jẹnotáìpù Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Fi Ojú Wò Kọ

Ìgbìmọ̀ mìíràn tún nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo ariwo tó sọ lórí àwọn tọkọtaya tí láàbù fún ní ìwé jẹnotáìpù tí kò tọ̀nà, ìgbìmọ̀ ni àwọn aláṣẹ ètò ìlera rí gbé kalẹ̀. A ti sọ ọ́ níbí yìí, a ò sì ní dẹ́kun àtimáa sọ ọ́: ìdánwò tí wọ́n fi ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò jẹnotáìpù.

Lábẹ́ maikirosíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yè kooro máa ń rí roboto, àárín rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ nítorí pé ó fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, a óò rí àwọn tó gùn, tí wọ́n sì tẹ̀ bíi dòjé. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára S, ìyẹn irú kan lára èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ṣe ni yóò so mọ́ra bí okùn, tí yóò sì fa sẹ́ẹ̀lì náà gùn. Ohun tí Dókítà Herrick ní Ṣikágò ṣàpèjúwe ní 1910 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ AS kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bíi ti AA ló máa ń rí. Ìdí nìyẹn tí láàbù fi ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn tó ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á bo gíláàsì náà pa, tí wọ́n á sì dúró. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tẹ̀, S wà níbẹ̀, àmọ́ kò sọ bóyá AS ni tàbí SS. Bí oògùn náà bá sì ti pẹ́ nílẹ̀, S lè wà kí sẹ́ẹ̀lì má tẹ̀ rárá.

Ewu tó burú jù ni C, irú èròjà náà mìíràn tó wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa. Ká ní ìyàwó jẹ́ AC, ọkọ jẹ́ AS. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ò ní tẹ̀, nítorí kò ní S. Láàbù á kọ AA fún un, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ṣègbéyàwó. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SC. SC kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ó ń fa ìrora egungun, ó lè ba ojú jẹ́, ó lè ba orí egungun itan jẹ́. Lórí gíláàsì, dòjé inú ẹ̀jẹ̀ SC lè má pọ̀. Èyí tó máa ń pọ̀ níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ní àmì tó ṣókùnkùn láàárín, bí ẹyinjú. Ẹni tó ń wá dòjé nìkan á fojú fò ó.

Ohun tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fa èròjà ẹ̀jẹ̀ lórí bébà: A á sáré jù, S á tẹ̀ lé e, C á kẹ́yìn. Èsì tó bá sì rúni lójú, ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ wo ló tún fẹ́ jókòó lórí èyí? Àwọn aláṣẹ mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ láàbù tó wà lábẹ́ wọn náà mọ̀ ọ́n. Kí àṣẹ jáde lọ́sẹ̀ yìí pé kí láàbù kankan má ṣe kọ jẹnotáìpù láìlo ẹ̀rọ náà, kí orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò sì wà lórí ìwé èsì. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé fún tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n pè wọ́n padà, kí wọ́n sì tún un ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.